Ìdáhùn mẹ́ta tó para pọ̀ di 1, tí méjì nínú wọn kò sì tọ̀nà

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan gbé ìwé wá lọ́jọ́ kan, ó ti ṣe ìṣirò náà tán, inú rẹ̀ sì ń dùn. "Ẹ wò ó, mà," ló wí, "mo ro ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó jẹ́ 1 gẹ́lẹ́. Ṣé ẹ rí i pé mo gbà á?" Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àròpọ̀ tó ń dùn mọ́ ọn nínú yẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ̀, kí n tó wo ìlà kankan, pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ náà.

Ìbéèrè tó fi ọwọ́ dà kọ láti ara pátákó nìyí:

"Irúgbìn kan wà tí 3 nínú 4 rẹ̀ máa ń hù. Tí a bá gbin 6, wá ìṣeéṣe pé: (a) 4 gẹ́lẹ́ ló hù, (b) èyí tó hù kò ju 4 lọ, (d) ó kéré tán, 4 hù."

Kí a tó dé ibi ìṣirò, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka ìwé náà dáadáa, torí àfọwọ́kọ máa ń tan ènìyàn jẹ. Nínú ìwé tirẹ̀, 6 àti lẹ́tà b jọra bí ìbejì. Ó ti dí orí 4 pa, ó wá dà bíi 9. Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe 9? Irúgbìn 6 la gbìn, 9 kò lè hù nínú 6. Bí nọ́ńbà kan bá ń ṣe ẹ́ ní iyèméjì, bi ìtàn inú ìbéèrè náà léèrè, òun fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń dáhùn. Ohun tó kó mi láyà jù ni ọ̀rọ̀ kékeré kan, "kò", tó há sáàárín "hù" àti "ju". Ẹni tó bá fò ó, ìbéèrè (b) ti yí padà sódì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo máa ń fi bírò yí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ po kí n tó kọ nǹkan mìíràn. Tó bá sì jẹ́ àmì ni wọ́n lò dípò ọ̀rọ̀, ìlà tíńtín tó wà lábẹ́ ≤ ni kí ẹ wá, torí bí bírò kò bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, < lásán lojú yóò rí.

Lẹ́yìn èyí, nǹkan mẹ́ta péré la ó yọ jáde. Iye irúgbìn tí a gbìn ni n, ó jẹ́ 6. Ohun tí a ń kà ni èyí tó hù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀, ẹ má fi sórí, a máa padà síbẹ̀. Ìṣeéṣe pé ẹyọ kan yóò hù ni p, ó jẹ́ 3/4, nítorí náà ìṣeéṣe pé kò ní hù jẹ́ 1/4.

Ṣé ìbéèrè bàìnómíà ni lóòótọ́, ìyẹn irú èyí tí a ti ń ka iye ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ nínú iye ìgbà tí a dán an wò? Iye tí a ó gbìn ti wà nílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan yóò hù tàbí kò ní hù, kò sí ẹ̀kẹta. Ìṣeéṣe kan náà ló wà fún gbogbo wọn, a sì gbà pé híhù ọ̀kan kò ran òmíràn lọ́wọ́, kò sì dí i lọ́wọ́. Ibi méjì tó gbẹ̀yìn yìí ni mo máa ń rí i tí wọ́n ti ń ṣubú. Ká ní ìbéèrè náà sọ pé irúgbìn 8 ló wà nínú àpò kan, tí 6 nínú wọn dára, tí a sì ń mú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láìdá wọn padà, ohun tó kù nínú àpò yóò máa yí padà bí a ti ń mú, ìṣeéṣe náà yóò sì máa yí. Bàìnómíà kò bá ìyẹn mu. "3 nínú 4" tí ìbéèrè tiwa wí, ìwà irú irúgbìn náà ló ń sọ. Kò sọ pé mẹ́rin ló wà nínú àpò.

Ó wá kan àwòrán. Ẹ fa àpótí méje sórí ìlà kan, ẹ kọ 0 sí àkọ́kọ́, títí dé 6. Méje ni o, kì í ṣe mẹ́fà. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé ẹyọ kankan kò hù, àpótí 0 sì gbọ́dọ̀ wà fún un. Ẹ jẹ́ ká kún àpótí 4. Irúgbìn mẹ́rin wo nínú mẹ́fà ló máa hù? Ọ̀nà 15 ló wà láti yàn wọ́n. Nínú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin hù, méjì kò hù, ìṣeéṣe rẹ̀ sì jẹ́ 3/4 ní ìlọ́po ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, kí a tún fi 1/4 lọ́po rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lókè, 3 × 3 × 3 × 3 jẹ́ 81. Nísàlẹ̀, 4 ni a fi lọ́po ara rẹ̀ nígbà mẹ́fà, ó di 4096. Àpótí 4 jẹ́ 15 × 81, ìyẹn 1215, nínú 4096. Bákan náà la ṣe ń kún àwọn yòókù:

```
hù:     0    1    2    3     4     5    6
ìpín:   1   18  135  540  1215  1458  729
```

Ẹ ro wọ́n pọ̀, 4096 ni wọn yóò jẹ́. Tí wọn kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má lọ síwájú.

Láti ibí lọ, kò sí ìṣirò líle mọ́. Ohun tó kù ni pé kí a mọ àpótí tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú.

"4 gẹ́lẹ́" jẹ́ àpótí kan ṣoṣo: 1215/4096, tó súnmọ́ 0.297. "4 péré" náà kò yàtọ̀. Ó kàn dà bí ẹni pé ọkàn ẹni tó kọ ọ́ kò balẹ̀ sí i.

"Kò ju 4 lọ" túmọ̀ sí pé 4 ni òkè ilé, a kò gbọdọ̀ gun kọjá rẹ̀, ṣùgbọ́n a lè dúró lé e. Nítorí náà àpótí 0, 1, 2, 3 àti 4 ni: 1 + 18 + 135 + 540 + 1215, ó jẹ́ 1909/4096, bíi 0.466.

"Ó kéré tán, 4" ló ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Wọ́n rí "kéré", ọwọ́ wọn sì ń lọ sápá òsì, síbi tí àwọn nọ́ńbà kékeré wà. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ ni pé 4 yìí ló kéré jù nínú ohun tí a ó gbà. Tó bá jẹ́ òun ló kéré jù, àwọn yòókù ju ú lọ nìyẹn, apá ọ̀tún la ó lọ: 4, 5 àti 6. 1215 + 1458 + 729 jẹ́ 3402/4096, bíi 0.831.

Èdè wa fún wa ní atọ́nà kan tó wúlò, àmọ́ ó ní ihò. Nínú "kò ju 4 lọ" àti "kò dín ní 4", "kò" ló mú 4 wọlé. Ẹ yọ ọ́ kúrò, "ju 4 lọ" àti "dín ní 4" lé 4 síta. Ẹni tó bá wá sọ èyí di òfin yóò kọsẹ̀ lára "tó". "Ó tó 4" gba 4 wọlé, "kò tó 4" ló lé e jáde. Fún ìdí yìí, èmi kì í gbẹ́kẹ̀ lé "kò". Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ara mi: tí mẹ́rin bá hù, tí kò lé tí kò dín, ṣé ohun tí ìbéèrè wí ti ṣẹ? Tó bá ti ṣẹ, àpótí 4 wọlé.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ìdáhùn (a) rẹ̀ tọ̀nà, 1215 nínú 4096. Ní (b), ó kọ 694: 0 títí dé 3 ló rò pọ̀, ó fi 4 sílẹ̀. Ní (d), ó kọ 2187, ìyẹn 5 àti 6 nìkan. Ẹ ro 694, 1215 àti 2187 pọ̀, 4096 ni lóòótọ́. Ó ti pín ìlà náà sí ọ̀nà mẹ́ta tí kò kan ara wọn: ohun tí kò tó 4, 4 fúnra rẹ̀, àti ohun tó ju 4 lọ. Ohun tí ìbéèrè bèèrè kọ́ nìyẹn. Nínú ìbéèrè náà, àpótí 4 wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà, ìdáhùn tó tọ̀nà gbọ́dọ̀ kọjá 1 bí a bá rò wọ́n pọ̀, àpótí 4 lẹ́ẹ̀mejì ni yóò sì fi kọjá. Ẹ dán an wò: 1215 + 1909 + 3402 jẹ́ 6526, ó fi 2430 ju 4096 lọ, 2430 sì ni 1215 lọ́nà méjì. Bí ẹ bá fẹ́ ìdánwò tó yára, ẹ ro (b) àti (d) pọ̀, kí ẹ yọ (a) kúrò. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 1.

Mo bi í léèrè bó ṣe rí 2187. Ó ní òun yọ àpótí 0 títí dé 4 kúrò nínú 1. Ọ̀nà àbùjá yẹn dára, èmi náà ń lò ó, ṣùgbọ́n ohun tí a ń yọ kúrò ni ohun tí a kò fẹ́. Bí a bá ń wá "ó kéré tán, 4", a fẹ́ 4. Ohun tí a kò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti 3 lọ sísàlẹ̀. 4096 − 694 ló yẹ kó ṣe, ìyẹn 3402.

Ìṣubú yìí kan náà ló ń dúró de ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà. Nínú ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, ìlà mẹ́ta nìyí fún (a), (b) àti (d):

```
=BINOM.DIST(4,6,0.75,FALSE)
=BINOM.DIST(4,6,0.75,TRUE)
=1-BINOM.DIST(3,6,0.75,TRUE)
```

`FALSE` ń mú àpótí kan ṣoṣo wá. `TRUE` ń rò ó pọ̀ láti 0 títí dé nọ́ńbà tí ẹ kọ, òun náà pẹ̀lú. Kò sí ohun tó ń ṣe "ó kéré tán" níbẹ̀, àwa la ó yọ ọ́, ẹ sì rí i pé 3 ló wà nínú ìlà kẹta, kì í ṣe 4.

Mo fún un ní ìbéèrè kan sí i kó tó lọ, mo sì fọwọ́ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé rẹ̀: kí ni ìṣeéṣe pé, ó kéré tán, 2 kò ní hù? Ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ro àpótí 2 títí dé 6 pọ̀ kó tó dúró. Ó wo ohun tó kọ sílẹ̀ lókè, "ohun tí a ń kà: èyí tó hù". Ó wá kọ 6 kalẹ̀, ó yọ 2 kúrò, ó ku 4. Bí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò bá hù, èyí tó hù kò lè ju 4 lọ. Ó bojú wo ìdáhùn (b) tí a ti jọ tún ṣe, ó ní, "Mà, 1909 yìí kan náà ni."