Bí wọ́n ṣe ń kọ òfin lífù sínú ìwé òṣìṣẹ́ tí kò fi ní dìjà lọ́wọ́ ìparí ọdún

Ẹ ṣí ìwé òfin òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan l'Ékòó tàbí n'Ibàdàn, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ bá ọ̀rọ̀ tó jọ èyí níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi kọ ọ́, àmọ́ ohun tó ń sọ rèé: "Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ sí lífù ọjọ́ 20 lọ́dún. Èyí tí kò bá lò lè kọjá sọ́dún tuntun, kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 5 lọ, ó sì gbọ́dọ̀ lò ó kó tó di oṣù kẹta."

Tí wọ́n bá kà á síni létí, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ìgbà tẹ́nì kan bá fẹ́ lo lífù lẹjọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní ọmọbìnrin kan wọṣẹ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, ọjọ́ mélòó ló máa ní kí ọdún yẹn tó parí? Ẹni tó ń ṣe páyírólù á ní ọjọ́ 15 ni, torí ó ka oṣù kẹrin mọ́ ọn, oṣù 9 sì ni àti oṣù kẹrin dé ìparí ọdún. Mánéjà rẹ̀ á ní rárá o, ìdajì oṣù kẹrin ti lọ kó tó dé, oṣù 8 lòun á kà, ìyẹn jẹ́ ọjọ́ 13 àti díẹ̀. Ọ̀gá tó wà lókè á ní kò lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan kan, ṣé ẹni tí ò tíì lo ọdún kan náà ń lọ lífù ni? Ẹ padà wo ohun tí wọ́n kọ, kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó tako ìwé náà.

Èyí tí ọ̀gá sọ yẹn gan-an, ó níbi tó ti wá. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, abala 18, ló sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá ti ṣiṣẹ́ oṣù 12 láìdánudúró lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi tí wọ́n á san owó rẹ̀ pé, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 6, tí ẹni náà ò bá sì tíì pé ọmọ ọdún 16, ọjọ́ iṣẹ́ 12. Ọjọ́ 6 yẹn ni ìsàlẹ̀ pátápátá, ilé-iṣẹ́ lè fún èèyàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún un látọjọ́ àkọ́kọ́. Kí ẹ sì mọ̀ pé àwọn tí òfin yẹn ń pè ní òṣìṣẹ́ ni àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àtàwọn akọ̀wé, kò kan àwọn tó wà nípò ìṣàkóso tàbí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ akọṣẹ́mọṣẹ́, ohun tí ìwé ilé-iṣẹ́ bá sọ ló dè wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fi gbọ́dọ̀ dá dúró fúnra rẹ̀, torí nígbà tó bá di ìjà, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí.

Ọ̀rọ̀ méjì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ìtumọ̀ kí wọ́n tó kọ ohunkóhun mìíràn, "ọjọ́" àti "ọdún". Tí wọ́n bá kọ ọjọ́ 20 lásán, ẹnì kan á ka Sátidé àti Sọ́ńdè mọ́ ọn, á fi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta din ọjọ́ kan parí ẹ̀, ẹnìkejì á yọ wọ́n kúrò, á gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko. Torí náà wọ́n á kọ ọ́ pé ọjọ́ iṣẹ́ ni, Mọ́ńdè sí Fráídè, ọlidé ìjọba kì í sì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an nílùú wa, torí ọjọ́ Iléya àti Ìtúnu Ààwẹ̀ máa ń dúró de ìkéde ìjọba àpapọ̀, ẹlòmíì á ti wà lẹ́nu lífù kí wọ́n tó kéde, á wá fẹ́ mọ̀ bóyá ọjọ́ yẹn máa padà sọ́wọ́ òun. Ìwé tó dáa máa sọ pé ó ń padà, láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ kọ lẹ́tà kankan. Ọlidé ìpínlẹ̀ tún ń bẹ o. Ogúnjọ́ oṣù kẹjọ, ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, àwọn ìpínlẹ̀ bí Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó máa ń fún òṣìṣẹ́ nísinmi, ilé-iṣẹ́ tó bá wá ní ọ́fíìsì l'Ékòó tó tún ní l'Ábújá gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pé ọlidé ibi tí òṣìṣẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ gan-an ni wọ́n ń kà fún un.

Ní ti ọdún, kí wọ́n yan ọ̀kan: ọjọ́ kìíní oṣù kìíní sí ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, tàbí ọdún tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń pé lẹ́nu iṣẹ́. Èyí àkọ́kọ́ ló rọrùn jù láti tọ́jú, ekejì máa ń da orí ẹni tó ń ṣe páyírólù rú torí kálẹ́ńdà kálukú á yàtọ̀ síra.

Bí lífù ṣe ń wọlé ló kàn. Ọ̀nà tí ò ní yọni lẹ́nu ni pé kí wọ́n kọ ọ́ pé ìdá kan nínú 12 ẹ̀tọ́ ọdún ló ń wọlé fún oṣù kọ̀ọ̀kan, látọjọ́ tí èèyàn bá wọṣẹ́, kí wọ́n kọ́ńfámù ẹ̀ o, kí wọ́n má tíì kọ́ńfámù ẹ̀ o. Lẹ́yìn náà kí wọ́n sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí oṣù tí kò pé. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe lè kọ ọ́: "Ẹni tó bá wọṣẹ́ láàárín ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ 15, oṣù yẹn wọlé fún un lódindi. Ẹni tó bá wọṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 15, inú oṣù tó tẹ̀lé e ni tiẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀." Ẹ̀yin náà ẹ padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin yẹn, ọjọ́ 15 gan-an ló wọlé, oṣù 9 ló ní, 20 × 9 ÷ 12 = 15. Ẹnu páyírólù, mánéjà àti ọ̀gá ti kò. Tó bá jẹ́ ọjọ́ 16 ló dé ni, 20 × 8 ÷ 12 = 13.33, ibí yìí la ti wá nílò òfin nípa ìdá tó ṣẹ́kù.

Àṣìṣe tó máa ń wáyé níbẹ̀ ni pé wọ́n á máa gé e lóṣooṣù. 20 ÷ 12 jẹ́ 1.666 tí kì í tán, ẹni tó bá gé e sí 1.5 lóṣù kan á rí i pé ọjọ́ 18 ló máa jẹ́ lópin ọdún, ọjọ́ méjì ti sọnù láìsẹ́ni tó jí i. Kí wọ́n kọ ọ́ pé wọn kì í gé e lóṣooṣù, ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ lò ó tàbí ọjọ́ tí ọdún parí nìkan ni wọ́n ń ṣírò, ìdá tó bá ṣẹ́kù á sì gòkè sí ìdajì ọjọ́ tó tẹ̀lé e. 13.33 á di 13.5, ó parí.

Kí wọ́n tó dé orí èyí tó ń kọjá sọ́dún tuntun, wọ́n gbọ́dọ̀ ya oríṣi lífù sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnì kan á sọ lọ́jọ́ kan pé lífù àìsàn tóun ò lò lọ́dún tó kọjá ńkọ́. Òfin iṣẹ́, abala 16, sọ pé wọ́n á san owó fún òṣìṣẹ́ tó ń ṣàìsàn, kò ní ju ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ nínú ọdún kálẹ́ńdà kan, tí dókítà tó ní ìwé àṣẹ bá ti fọwọ́ sí i. Kò ń wọlé lóṣooṣù, kò ń kọjá. Ìlà kan péré ló máa gbà: lífù ọdọọdún nìkan ló ń kọjá sọ́dún tuntun. Kásúà lífù náà, ìyẹn ọjọ́ díẹ̀ tí èèyàn ń gbà fún ọ̀ràn pàjáwìrì, kí wọ́n sọ bóyá inú ọjọ́ 20 ló ti ń jáde tàbí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, torí tí kásúà bá jẹ́ ọjọ́ 5, ibí yìí ni òṣìṣẹ́ ti máa ń rò pé ọjọ́ 25 lòun ní, tí mánéjà ń ka 20.

Èyí tó ń kọjá yẹn ló le jù. Ọmọbìnrin wa lo ọjọ́ 6 nínú 15, ọjọ́ 9 ló kù nígbà tí ọdún parí. Ọjọ́ 5 kọjá, 4 ṣubú sílẹ̀. Nínú oṣù kejì ó tún gba ọjọ́ 3. Inú èwo ni wọ́n ti yọ ọ́? Tó bá jẹ́ inú ti àtijọ́, ọjọ́ 2 ló kù nínú ẹ̀, ti ọdún tuntun wà bó ṣe wà. Tó bá jẹ́ inú ti tuntun ni wọ́n ti yọ ọ́, ọjọ́ 5 àtijọ́ yẹn ṣì jókòó síbẹ̀, tí àkókò bá pé gbogbo ẹ̀ á jóná, bẹ́ẹ̀ ó sì gba lífù. Sọ́fíwíà míì wà tó jẹ́ pé ti tuntun ló ń kọ́kọ́ yọ láìsọ fẹ́nikẹ́ni, ẹni tó ń kọ ìwé gbọ́dọ̀ lọ wò ó ná. "Kó tó di oṣù kẹta" náà, ṣé ìparí oṣù kejì ni àbí ìparí oṣù kẹta? Déètì ni wọ́n ń kọ síbẹ̀:

"Lífù ọdọọdún tó bá kù ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá á kọjá, kò ní ju ọjọ́ iṣẹ́ 5 lọ. Òun ni wọ́n á kọ́kọ́ yọ nígbà tí òṣìṣẹ́ bá gba lífù. Èyí tí kò bá lò títí di ọjọ́ 31 oṣù kẹta, àti ọjọ́ yẹn gan-an mọ́ ọn, á jóná. Kò sí èyí tó lè kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ béèrè kí ọdún tó parí, tí mánéjà sì kọ̀ ọ́ lórí ìwé, ọjọ́ tí wọ́n kọ̀ fún un kò sí nínú 5 yẹn, kò sì ní jóná títí di ọjọ́ 30 oṣù kẹfà."

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn làwọn ilé-iṣẹ́ kì í fẹ́ kọ, òun gan-an ló sì ń yọ wọ́n lọ́wọ́ ìjà, torí ẹni tí wọ́n kọ̀ fún tí wọ́n tún wá jẹ́ kí tiẹ̀ jóná kò ní dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi òfin wò ó. Abala 18 gbà kí àwọn méjèèjì fẹnu kò láti sún ìsinmi síwájú, àmọ́ àsìkò tí èèyàn fi ń ṣiṣẹ́ fún un kò gbọ́dọ̀ ju oṣù 24 lọ. Ó tún sọ pé kò bófin mu kí ilé-iṣẹ́ fi owó rọ́pò ìsinmi yẹn nígbà tí àdéhùn iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ tó bá kọ ọ́ pé "lífù tí ẹ ò lò, a máa san owó ẹ̀" láìyọ nǹkan kan sílẹ̀, ó ti fẹsẹ̀ gbá òfin nìyẹn fún àwọn tí òfin ń pè ní òṣìṣẹ́. Ọ̀nà àbáyọ ni kí wọ́n kọ ọ́ pé ọjọ́ iṣẹ́ 6 àkọ́kọ́ tí èèyàn bá lò lọ́dún ni ti òfin, ìyẹn kì í jóná, kì í di owó, àfi tó bá ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ 14 yòókù ni òfin ilé-iṣẹ́ lè máa yí síbí yí sọ́hùn-ún.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kúrò níṣẹ́ ló kù. Ẹni tó bá ti lo ju èyí tó wọlé fún un lọ, ẹ má gbójú lé e pé ẹ máa yọ ọ́ nínú owó oṣù tó kẹ́yìn, abala 5 òfin kan náà ti ká ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ kò lórí ohun tó lè yọ nínú owó òṣìṣẹ́. Ó sàn kí ìwé sọ pé ẹnikẹ́ni ò lè fi ju ọjọ́ 3 lọ ṣíwájú èyí tó ti wọlé fún un. Ẹni tí tiẹ̀ ṣẹ́kù, kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó ọjọ́ kan. Ẹni tó ń gba ₦220,000 lóṣù, tí ọjọ́ 3 kù fún un: tí wọ́n bá fi ọjọ́ iṣẹ́ 22 pín in, ₦10,000 lọ́jọ́, ó jẹ́ ₦30,000, tí wọ́n bá fi gbogbo ọjọ́ 30 inú oṣù pín in, ₦22,000 ni. Ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n fi ka lífù látìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ náà ló yẹ kí wọ́n fi pín owó, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá owó oṣù gidi nìkan ni wọ́n ń pín tàbí pẹ̀lú owó ilé àti owó mọ́tò.