Kíka ọjọ́ láàárín déètì méjì

Kíka ọjọ́ láàárín déètì méjì ni ìṣirò tí a fi ń mọ iye ọjọ́ tó wà láti ọjọ́ kan dé òmíràn. Ó jọ ìṣirò kékeré, ṣùgbọ́n déètì méjì kan náà lè mú ìdáhùn mẹ́ta jáde láìsí ẹni tó ṣi ìṣirò nínú wọn. Ohun tó ń fa ìyàtọ̀ náà ni ọjọ́ méjì tó wà ní ìpẹ̀kun: a lè ka méjèèjì mọ́ ọn, a lè ka ẹyọ kan, a sì lè yọ méjèèjì kúrò.

Ẹni tó bá ti kọ ebè rí mọ bí ó ṣe rí. Bí ebè mẹ́wàá bá wà lórí ìlà kan, àlàfo mẹ́sàn-án ló wà láàárín wọn. Ẹni tó ń ka ebè yóò sọ pé mẹ́wàá, ẹni tó ń ka àlàfo yóò sọ pé mẹ́sàn-án. Àwọn ọjọ́ tí a tò sórí kàlẹ́ńdà dà bí ebè. Ìṣẹ́jú tí ìyọkúrò bá wọ̀ ọ́, tí a mú déètì àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkẹyìn, àlàfo ni a ń kà, kì í ṣe ebè. Ìdí nìyẹn tí ìyọkúrò fi máa ń dín ní ẹyọ kan sí iye ọjọ́ tí a fi ìka tọ́ka sí lórí kàlẹ́ńdà.

Àpẹẹrẹ jẹnẹrétọ̀ ní Àkúrẹ́

Ká ní ẹnì kan tó ń kọ́lé ní Ọ̀bà-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́, háyà jẹnẹrétọ̀ ní ₦5,000 lójúmọ́. Ó gbé e ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, ó sì dá a padà ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 4 oṣù kẹta. Ọdún 2024 jẹ́ ọdún tí oṣù kejì ní ọjọ́ 29, nítorí náà a gbọ́dọ̀ ṣọ́ ibẹ̀.

A ó kà á ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọjọ́ 29, ọjọ́ méjì ló kù nínú oṣù kìíní, èyíinì ni ọjọ́ 30 àti 31. Oṣù kejì mú ọjọ́ 29 wá. Oṣù kẹta mú 4 wá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 35. Nínú ìṣirò yìí a kò ka ọjọ́ tí ó gbé e, ṣùgbọ́n a ka ọjọ́ tí ó dá a padà.

Bí ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀ bá sọ pé ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ gan-an wọ owó, nítorí pé òun kò lè háyà rẹ̀ fún ẹlòmíràn lọ́jọ́ náà, ó di ọjọ́ 36, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦180,000. Bí wọ́n bá fẹnu kò pé láti àárọ̀ dé àárọ̀ ni ọjọ́ kan, tó sì jẹ́ pé àárọ̀ ni wọ́n gbé e, àárọ̀ náà ni wọ́n dá a padà, ọjọ́ 35 ni, owó rẹ̀ jẹ́ ₦175,000. Bí ó bá jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ló gbé e, tó dá a padà ní kùtùkùtù, tí àdéhùn sì jẹ́ pé odidi ọjọ́ tó lò ó nìkan ni yóò sanwó fún, ó di ọjọ́ 34 àti ₦170,000. Ìyàtọ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà wà láàárín ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni ìkẹyìn, kò sì sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni gbólóhùn kan nínú àdéhùn tó máa sọ bí wọn yóò ṣe ka ọjọ́ ìgbé àti ọjọ́ ìdápadà.

Ọ̀nà kan wà láti yẹ ìṣirò bẹ́ẹ̀ wò láìsí ẹ̀rọ. Bí déètì méjèèjì bá bọ́ sí orúkọ ọjọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀, ìyọkúrò gbọ́dọ̀ ṣeé fi méje pín láìṣẹ́kù. Ajé sí Ajé ni tiwa yìí, 35 sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún géérégé. Ẹni tó gbàgbé pé oṣù kejì ọdún náà ní ọjọ́ 29 yóò rí 34 níbi tó yẹ kí ó rí 35, èyí tí méje kò lè pín tán, yóò sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àṣìṣe wà. Àyẹ̀wò yìí kò lè sọ fún un bóyá kí ó ka ìpẹ̀kun tàbí kí ó má kà á. Àdéhùn ló ń sọ ìyẹn.

Bí Yorùbá ṣe ń kà á

Ìṣirò àbáláyé Yorùbá máa ń ka ìpẹ̀kun méjèèjì. Òní gan-an ni ọjọ́ kìíní. Bí òní bá jẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìjẹta ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, ó pé mẹ́ta. Lójú ẹni tó ń yọ kúrò, ọjọ́ méjì péré ló ti kọjá, ṣùgbọ́n “ẹta” ló wà nínú orúkọ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìsọmọlórúkọ. Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí a ó sọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ni ìkómọ rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ ìbí ti wọ inú kíkà. Ẹni tó bá fi mẹ́jọ kún déètì ìbí yóò pe àlejò jọ ní ọjọ́rú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ jù ni ọjà. Ọ̀sẹ̀ Yorùbá àtijọ́ jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, síbẹ̀ ọjà tó ń ná lẹ́ẹ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ọjà ọrún, èyí tí àrún wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ ọjà tí a wà àti ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni wọ́n jọ kà. Ìsán, tó ní ẹ̀sán nínú, ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ. Ìtàdógún, tó túmọ̀ sí mẹ́tàdínlógún, ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 16, ìyẹn ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin mẹ́rin. Ẹni tí kò mọ̀ pé ìpẹ̀kun wà nínú orúkọ náà lè fi márùn-ún pín 60, kí ó ní ìgbà 12 ni ọjà ọrún ń ná nínú ọjọ́ 60. Ìgbà 15 ni, nítorí pé mẹ́rin ni a gbọ́dọ̀ fi pín in. Mo rí i pé àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń kọ nípa ọjà ìgbà ìwáṣẹ̀ nípa fífi orúkọ nìkan ṣe ìṣirò.

Nígbà tí a bá so ìgbà pọ̀ mọ́ ìgbà

Kíka ìpẹ̀kun méjèèjì dára fún ìgbà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ó máa ń dàrú bí ìgbà kan bá so kọ́ òmíràn. Sáà gómìnà ní ìpínlẹ̀ Òndó fi èyí hàn kedere. Olúṣẹ́gun Mímikò búra ní Àkúrẹ́ ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2009, sáà rẹ̀ kejì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2013, Rótìmí Akéredolú sì gba ipò ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2017. Sáà kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì ní oṣù kejì ọlọ́jọ́ 29 kan, nítorí náà ìyọkúrò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1,461, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 2,922.

Bí a bá ka ìpẹ̀kun méjèèjì nínú sáà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan di 1,462, àpapọ̀ wọn di 2,924. Ṣùgbọ́n bí a bá ka gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti 2009 dé 2017, pẹ̀lú ìpẹ̀kun méjèèjì, 2,923 ni. Ọjọ́ tó lé ni ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2013, tí a kà fún sáà àkọ́kọ́, tí a tún kà fún èkejì. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí a ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, kí a sì yọ ọjọ́ ìparí sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ọjọ́ tó sọnù, kò sí èyí tí ẹni méjì pín.

Ọ̀nà kan náà ló bá ìtàn ìpínlẹ̀ náà mu. Ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976 ni a dá ìpínlẹ̀ Òndó sílẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996 ni a sì yọ Èkìtì jáde nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí Èkìtì fi wà lábẹ́ Òndó jẹ́ 7,546, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn títí dé ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá kò sí nínú rẹ̀, nítorí ti ìpínlẹ̀ tuntun ni. Déètì méjèèjì bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, méje sì pín 7,546 sí ọ̀sẹ̀ 1,078 láìṣẹ́kù.

Lójú òfin

Òfin tó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń túmọ̀ òfin ní Nàìjíríà, ní ìpín rẹ̀ 15, gba ọ̀nà mìíràn. Bí òfin bá fún ènìyàn ní iye ọjọ́ kan láti ìgbà tí nǹkan kan ṣẹlẹ̀, a kì í ka ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Bí ọjọ́ tó kẹ́yìn bá sì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, àkókò náà yóò sún dé ọjọ́ tó tẹ̀ lé e tí kì í ṣe ìsinmi. Ká ní ìwé tó béèrè èsì láàárín ọjọ́ méje dé ọwọ́ ẹnì kan ní ọjọ́rú, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2024. Ọjọ́ kìíní rẹ̀ ni Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 6. Ọjọ́ keje bọ́ sí ọjọ́ 12, tí í ṣe ọjọ́ ìsinmi ìjọba tiwa-n-tiwa, nítorí náà ó ní títí di ọjọ́ 13. Ẹni tó kà á bí a ṣe ń ka ìkómọ yóò rò pé ọjọ́ 11 ni òpin, yóò sì máa sáré lásán. Ewu gidi wà ní òdìkejì: níbi tí àdéhùn tàbí òfin kan bá ti sọ pàtó pé ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú kíkà, ẹni tó yọ ọ́ yóò pẹ́ ní ọjọ́ kan. Bí ìwé bá sì sọ pé ọjọ́ méje gbáko gbọ́dọ̀ kọjá, ìpẹ̀kun méjèèjì ni a ó yọ, a ó sì dúró di ọjọ́ tó tẹ̀ lé ìkeje kí a tó gbé ìgbésẹ̀.

Lórí kọ̀ǹpútà

Ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà ń ka déètì bíi nọ́ńbà lásán, nítorí náà ó ń yọ kúrò. Bí déètì ìbẹ̀rẹ̀ bá wà ní A2, tí ti ìparí wà ní B2:

```
=B2-A2
=B2-A2+1
=B2-A2-1
=NETWORKDAYS(A2,B2)
```

Ti àkọ́kọ́ ka ìpẹ̀kun kan, ti èkejì ka méjèèjì, ti ẹ̀kẹta yọ méjèèjì. Ti ẹ̀kẹta kò wúlò nígbà tí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí bá jẹ́ ọjọ́ kan náà, nítorí yóò mú -1 jáde, kò sì sí iye ọjọ́ tó kéré sí òdo. Ẹ̀kẹrin ló yẹ kí a ṣọ́ jù. Ó ń ka ọjọ́ iṣẹ́ nìkan, ó ń fo Àbámẹ́ta àti Àìkú, ṣùgbọ́n ó máa ń ka ìpẹ̀kun méjèèjì. Láti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, dé ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 2 oṣù kejì, yóò sọ pé 5, nígbà tí ìyọkúrò lásán ní 4, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí òpin ọ̀sẹ̀ kankan láàárín wọn. Ẹni tó bá fi ọ̀kan ṣe ìṣirò ọjọ́ lííf òṣìṣẹ́, tó fi èkejì yẹ̀ ẹ́ wò, yóò rí ìyàtọ̀ ọjọ́ kan lórí orúkọ gbogbo ẹni tí lííf rẹ̀ kò kan òpin ọ̀sẹ̀ nínú ìwé náà.