Àtúnròpọ̀ ni, kì í ṣe ìlàjà

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́kọ́ pe iṣẹ́ yìí ní "ìlàjà àròpọ̀"? Ohun tí mò ń sọ ni ká kó àròpọ̀ kọ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, ká wò ó bóyá ó bá àròpọ̀ ọdún tó wà lójú ewé àkópọ̀ mu. Ìjà wo làwọn nọ́ńbà jà? Ẹni tó ń làjà á ní kí tibí yọ díẹ̀, kí tọ̀hún náà yọ díẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ sì ń ṣe gan-an nìyẹn: wọ́n á fi ìlà kan tí wọ́n pè ní "àtúnṣe" dí àlàfo, wọ́n á ní ó ti parí. Àwọn oní-"rikonsíléṣọ̀n" ń pe tiwọn gùn ni, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ẹlòmíì ní "àyẹ̀wò" ti tó. Kò tó. Ojú lásán lèèyàn lè fi yẹ nǹkan wò. Àtúnròpọ̀ lèmi ń pè é, torí pé ó ń sọ ohun tí ọwọ́ yóò ṣe: fúnra rẹ, tún un rò pọ̀.

Ó dà bí aṣọ tí wọ́n gé sí mẹ́rin. Tá a bá tò wọ́n mọ́ra, ó yẹ kí gígùn wọn jẹ́ ti odindi. Bó bá kúrú, ègé kan ti dín. Bó bá gùn, a ti ka ibì kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wo ìnáwó kan tó jẹ́ 11,240; 12,085; 12,480; 12,305. Mo rò ó pọ̀, ó di 48,110. Ojú ewé àkópọ̀ ní 48,470. Ìyàtọ̀ jẹ́ 360. Mo pín in sí 9, kò ṣẹ́ kù. Mo bá fura pé ẹnì kan ti gbé nọ́ńbà méjì inú iye kan sípò ara wọn, torí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ máa ń fa ìyàtọ̀ tí 9 lè pín láìṣẹ́ kù. 360 jẹ́ 90 lọ́nà 4, torí náà mo wá ibi tí nọ́ńbà ipò ọgọ́rùn-ún àti ti ipò ẹ̀wá ti fi 4 ju ara wọn lọ. Kọ́tà kẹta nìkan ló rí bẹ́ẹ̀: 4 àti 8. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀, 12,840 ló wà níbẹ̀. Ojú ewé àkópọ̀ ló tọ̀nà, kọ́tà ló ṣìnà. Ìfura lásán ni 9 yẹn o. Ìyàtọ̀ míì lè ṣèèṣì pín bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá ti gé iye kọ̀ọ̀kan sí odindi tó sún mọ́ ọn jù lọ, ìyàtọ̀ 1 tàbí 2 kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. 3 ti kọjá bẹ́ẹ̀. Owó tó kù ní báńkì kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ti ìparí kọ́tà kẹrin náà ni ti ọdún.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ àpótí àròpọ̀ ọdún wò. Bẹ́ ẹ bá rí èyí:

```
=SUM(B2:B5)
```

tí B2 dé B5 sì wà lójú ewé àkópọ̀ kan náà, yóò máa bá ara rẹ̀ mu títí láé, bí iye inú wọn tiẹ̀ jẹ́ irọ́. Ojú ewé kọ́tà kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ ti mú iye tẹ́ ẹ máa rò pọ̀.