Ìlà kan tí wọ́n fà sórí onígun mẹ́ta

Káfíńtà tó ń kan òrùlé ní Àkúrẹ́ a máa fi igi mẹ́ta ṣe onígun mẹ́ta: ọ̀kan dùbúlẹ̀ lórí ògiri, méjì fara ti ara wọn lókè. Bí igun ìsàlẹ̀ méjèèjì bá jẹ́ dígírì 35, 110 ni igun téńté òkè gbọ́dọ̀ jẹ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàpọ̀ jẹ́ 180, iye tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ìlà tó nà tàrà.

Próklọ́sì, onímọ̀ Gíríìkì tó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún lẹ́yìn ìbí Kristi, kọ ọ́ pé Yúdímọ́sì, ọmọ ẹ̀yìn Arisitọ́tù, ní àwọn ọmọlẹ́yìn Pitagórásì ló fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta onígun mẹ́ta èyíkéyìí pàpọ̀ jẹ́ 180. Ìlà kan ṣoṣo ni gbogbo ọgbọ́n wọn. Ẹ pe téńté òkè ní A, ìsàlẹ̀ òsì ní B, ìsàlẹ̀ ọ̀tún ní C. Ẹ fa ìlà kan gba A kọjá, kí òun àti BC máa bára wọn lọ, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tilẹ̀ gùn dé Oǹdó, wọn ò ní pàdé. Igun mẹ́ta ló wá wà lábẹ́ ìlà náà ní A: igun òkè fúnra rẹ̀ láàárín, ọ̀kan lósì tó bá B dọ́gba, ọ̀kan lọ́tùn-ún tó bá C dọ́gba. 35, 110, 35: ìlà ti kún.

Kí ló dé tí ti òsì fi bá B dọ́gba? Ẹ da àwòrán náà kọ sórí bébà fẹ́lẹ́ kan, ẹ gbé e lé ti àkọ́kọ́, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún àárín AB, kí ẹ wá yí bébà òkè títí orí rẹ̀ yóò fi di ìdí. B á bọ́ sórí A, BC á bọ́ sórí ìlà òkè, igun B á sì jókòó gẹ́lẹ́ sórí igun òsì. Ohun tó mú BC bọ́ síbẹ̀ ni pé ìlà kan péré ló lè gba A kọjá tí kò ní pàdé BC láé.

Yúkílíìdì, ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Kristi, gba ọ̀nà mìíràn nínú ẹ̀rí 32 ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó na BC kọjá C, ó sì fa ìlà láti C tó ń bá BA lọ. Igun ìta tó yọ níbẹ̀ jẹ́ àpapọ̀ A àti B: 110 àti 35, 145. Bí a bá fi 35 ti C kún un, 180 náà ló dé. Èrè méjì ló jẹ níbẹ̀, igun ìta àti àpapọ̀ náà, lójú tèmi òun ló dára jù.

Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà ni pé ojú lásán ni wọ́n fi ń fa ìlà òkè. Bí ó bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní dígírì 3, ẹ ó rí 38, 110 àti 32. Àpapọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ 180, nítorí ìlà tó nà ni, ṣùgbọ́n 38 kì í ṣe B mọ́, 32 kì í sì ṣe C. Nítorí náà, kì í ṣe àpapọ̀ lókè ló yẹ kí ẹ yẹ̀ wò. Igun òsì àti B ni kí ẹ wọ̀n.

Orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ nìkan ni èyí ti ṣiṣẹ́. Lórí bọ́ọ̀lù, ẹ fa ìlà yí àárín rẹ̀ ká, kí ẹ fa méjì láti téńté rẹ̀ wá bá a, kí àlàfo wọn lókè jẹ́ 90: igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jẹ́ 90, 270 lápapọ̀. Kò sí ìlà tó nà jù lọ méjì lórí bọ́ọ̀lù tí kì í pàdé.