Èlé 10 lè wọ́n ju èlé 15 lọ nígbà tí a bá ń ra ọkọ̀ akẹ́rù díẹ̀díẹ̀

Àbúrò mi kan tó ń kó ẹrù lọ bá àwọn oníbàárà nílé gbé ìwé méjì wá bá mi. Ó tẹ́ wọn sórí tábìlì, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi wò ó. Ibi kan ní èlé 10, ibi kejì ní 15. Mo ti fẹ́ fọwọ́ sí ti 10, ìyàwó mi ló ní kí n kọ́kọ́ fi hàn yín."

Mo bi í pé, "10 lórí èwo?"

Kò yé e. Kò sì yé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ọkọ̀ báyìí. Ohun tí kálukú gbà gbọ́ ni pé èlé ni èlé: bí wọ́n bá ní 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ó ti kéré sí 15 nìyẹn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Oríṣi èlé méjì ló wà nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, a ò sì lè gbé ọ̀kan lé ẹ̀gbẹ́ ìkejì bí ìgbà tí a ń wọn nǹkan lórí òṣùwọ̀n kan náà.

Ẹ jẹ́ ká pe owó ọkọ̀ náà ní 1,000, irú owó yòówù tí ẹ bá ń ná. Àbúrò mi ní 200 tó fẹ́ fi ṣe àsansílẹ̀. Gbèsè 800 ló kù, oṣù 36 ni yóò fi san án, ìyẹn ọdún mẹ́ta.

Ìwé àkọ́kọ́, oní 10, ń ka èlé lórí gbogbo 800 títí ọdún mẹ́ta fi pé. 80 lọ́dún kan, 240 lọ́dún mẹ́ta. Wọ́n ro 240 yìí mọ́ 800, ó di 1,040, wọ́n pín in sí ọ̀nà 36, ó sì ń bọ̀ ní 28.89 lóṣù. Kò sí ìṣirò tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ta ọkọ̀ fi lè ṣe é lórí fóònù rẹ̀ lójú yín kíákíá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé àbúrò mi kì í jẹ 800 fún ọdún mẹ́ta. Ọjọ́ tó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nìkan ló jẹ 800. Oṣooṣù tó bá san owó, ojú owó tó jẹ ń dín kù. Nígbà tó bá fi di oṣù kẹrìndínlógójì, nǹkan bí 28 péré ló kù lọ́rùn rẹ̀, síbẹ̀ èlé tó ń san lóṣù náà ṣì jẹ́ ti 800. Ó ń san èlé lórí owó tó ti dá padà. Bí ẹ bá ka èlé yìí lórí ohun tó jẹ ní ti gidi lóṣooṣù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún.

Ìwé kejì, oní 15, ń ka èlé lórí ohun tó kù nìkan. 15 lọ́dún jẹ́ 1.25 lóṣù. Lóṣù àkọ́kọ́, èlé lórí 800 jẹ́ 10. Lóṣù kejì, gbèsè ti wálẹ̀ sí 782, èlé sì di 9.78. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa sọ̀ kalẹ̀, títí èlé oṣù tó kẹ́yìn yóò fi jẹ́ 0.34. Iye tó ń san lóṣù kì í yí padà, 27.73 ni, àmọ́ ojú owó ń gba púpọ̀ sí i nínú rẹ̀, èlé ń gba díẹ̀. Bí ọdún mẹ́ta bá pé, àpapọ̀ èlé jẹ́ nǹkan bí 198.

240 lórí "10", 198 lórí "15". Àbúrò mi wo ìwé, ó wo ojú mi.

Ó wá tọ́ka sí ohun kan tó ti tàn án jẹ tẹ́lẹ̀, mi ò sì dá a lẹ́bi. Lórí ìlà oṣù àkọ́kọ́, ìwé oní 15 kọ owó èlé 10, ìwé oní 10 sì kọ 6.67, ìyẹn 240 tí wọ́n pín sí oṣù 36. Ẹni tó bá wo ìlà yẹn nìkan yóò ní ti àkọ́kọ́ ló dáa. Àfi kó fi ìka tọ àwọn ìlà náà lọ sísàlẹ̀: ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, ti ìwé kejì ti bọ́ sísàlẹ̀ 6.67, kò sì ní gòkè mọ́, nígbà tí ti àkọ́kọ́ dúró gbọin síbi tó wà. Ohun tí ẹ fi máa dá wọn mọ̀ náà nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé tó to oṣooṣù sílẹ̀, tó ya èlé sọ́tọ̀ kúrò lára ojú owó. Bí èlé oṣù kìíní àti ti ìgbẹ̀yìn bá jẹ́ bákan náà, orí gbogbo owó tí ẹ kọ́kọ́ yá ni wọ́n ń kà á sí. Bí wọn ò bá fẹ́ fún yín ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Ibi tó tún ń dunni ni bí iṣẹ́ bá lọ dáadáa tí ẹ fẹ́ tètè san gbèsè tán. Ká ní lẹ́yìn oṣù 18, àbúrò mi rí owó ńlá kan. Lórí ìwé kejì, nǹkan bí 444 ni yóò fi bọ́ lọ́rùn gbèsè. Lórí ti àkọ́kọ́, bí kò bá sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé àwọn yóò yọ èlé oṣù tí kò tíì dé kúrò, wọ́n lè ní kó kó 520 wá, ìyẹn gbogbo owó oṣù 18 tó kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní lo owó wọn mọ́. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ wá ojú ìwé tó sọ nípa ìdásan ṣáájú àsìkò, ẹ kà á.

Ẹ má sì fi oṣù 36 wé oṣù 48. Èlé 15 kan náà, tí wọ́n bá nà án dé oṣù 48, yóò mú kí owó oṣooṣù rọ̀ wá sí 22.26, ọkàn á balẹ̀, ṣùgbọ́n èlé yóò di nǹkan bí 269. Àsansílẹ̀ kan náà, iye oṣù kan náà, ká tó bi wọ́n ní àpapọ̀ owó tí yóò jáde lápò wa.

Àbúrò mi pe ẹni tó fún un ní ìwé àkọ́kọ́ lójú mi. Ó bi í pé lórí èwo ni wọ́n ti ka 10 yẹn. Ọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n pè yín padà." Lọ́jọ́ kejì, ó fi ìwé tuntun ránṣẹ́: èlé 14, lórí gbèsè tó kù, oṣù 36. Inú àbúrò mi dùn débi pé ó ti ń wá bírò. Mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú kan. Èlé náà jẹ́ 184, ó kéré sí 198 lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ìwé, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní, wọ́n kọ owó ìwé ṣíṣe 16 tí yóò san lọ́jọ́ àkọ́kọ́. 184 àti 16 jẹ́ 200. Ìwé oní 15, tí kò ní owó ìwé kankan, ló fọwọ́ sí.