Àkáǹtì kan, ojú méjì: bí onísọ̀ l'Ákùúrẹ́ ṣe lè ya owó ìsọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára owó ilé

Sítétímẹ́ǹtì kan náà ni òṣìṣẹ́ owó-orí àti báńkì máa ń kà, ṣùgbọ́n ohun tí kálukú wọn ń wá nínú rẹ̀ yàtọ̀. Bí olójà kò bá ní ìwé ìṣirò kankan lọ́wọ́, òfin fún òṣìṣẹ́ owó-orí láyè láti fi ojú ara rẹ̀ díwọ̀n èrè rẹ̀, gbogbo owó tó wọ àkáǹtì ló sì lè kà sí owó ọjà. Ti báńkì kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ gbogbo ohun tí kò jọ owó ọjà kúrò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ìdí nìyẹn tí àkáǹtì àdàlú, níbi tí owó ìsọ̀ àti owó ilé ti pọ̀ mọ́ra, fi máa ń sọ ènìyàn di ọlọ́rọ̀ lójú ìjọba, kó tún sọ ọ́ di òtòṣì lójú ẹni tó fẹ́ yá a lówó.

Ká mú ìsọ̀ kan lágbègbè Ọjà Ọba, l'Ákùúrẹ́, níbi tí obìnrin kan ti ń ta mílíìkì, ṣúgà, Íńdómì, ọṣẹ àti òróró. Àkáǹtì kan ṣoṣo ló ní. Lóṣù kan, ₦1,660,000 wọ inú rẹ̀. Nínú owó yẹn, ₦1,000,000 ni àwọn oníbàárà san, yálà wọ́n fi POS san án tàbí wọ́n fi ránṣẹ́ láti orí fóònù. ₦360,000 jẹ́ àjọ tó kó lóṣù náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ₦150,000 ránṣẹ́ láti Èkó fún ìtọ́jú ìyá wọn, ó sì yá ₦150,000 ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ó ta ọjà ₦480,000 fún àwọn tó fi owó lé e lọ́wọ́, owó yẹn kò sì dé báńkì rárá: ó fi ra ọjà míì, ó fi ra ata, ó fi san owó ọkọ̀ àwọn ọmọ.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ₦1,480,000 ló tà. Ẹni tó bá ń wá owó-orí yóò rí ₦1,660,000, ìyẹn ₦180,000 ju ohun tó tà lọ. Òṣìṣẹ́ báńkì yóò yọ àjọ, owó ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yáwó kúrò, ₦1,000,000 ni yóò sì kù lójú rẹ̀. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Àkáǹtì ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Àkáǹtì kejì ni ìbẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Bí orúkọ ìsọ̀ bá ti wà nínú ìwé CAC, báńkì lè ṣí àkáǹtì sí orúkọ ìsọ̀ gan-an. Ìwé ẹ̀rí CAC, BVN, NIN, káàdì ìdánimọ̀ àti ẹ̀rí àdírẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Ẹni tí kò tíì forúkọ ìsọ̀ sílẹ̀ lè fi àkáǹtì míì tó jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bó bá ṣáà ti jẹ́ pé owó ìsọ̀ nìkan ló ń wọ ibẹ̀. Ìyẹn sàn ju kó dúró de CAC fún ọdún kan lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ ìsọ̀ máa ń níyì jù lójú báńkì. BVN kan náà ló so àkáǹtì méjèèjì pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé yíyà wọ́n sọ́tọ̀ jẹ́ ọ̀nà láti fi ọ̀kan pamọ́.

Ọjọ́ ìyàsọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ kan pàtó, ọjọ́ kìíní oṣù ló sì dára jù. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n á ka gbogbo ọjà tó wà ní ìsọ̀ ní iye tí wọ́n rà á, kì í ṣe iye tí wọ́n ń tà á. Wọ́n á ka owó tó wà nínú dúrọ́ọ̀, wọ́n á kọ orúkọ àwọn tó jẹ ìsọ̀ ní gbèsè sílẹ̀, wọ́n á sì kọ gbèsè tí ìsọ̀ jẹ àwọn alágbàtà. Ojú ìwé kan péré ni, ṣùgbọ́n bí kò bá sí, kò sí bí ènìyàn ṣe lè mọ̀ lẹ́yìn ọdún kan bóyá ìsọ̀ jèrè tàbí ó ń jẹ ara rẹ̀.

Nọ́ńbà àkáǹtì àtijọ́ ló máa ń ba ètò náà jẹ́. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ìsọ̀, àwọn oníbàárà sì ti fi pamọ́ sórí fóònù. Ẹ̀rọ POS pàápàá ṣì ń da owó sínú àkáǹtì ilé títí wọn yóò fi yí i padà lọ́dọ̀ àwọn tó fún wọn ní ẹ̀rọ. Fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, owó ọjà kan yóò ṣì máa ṣìnà. Bó bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n fi iye náà gan-an ránṣẹ́ sí àkáǹtì ìsọ̀ lọ́jọ́ kan náà, láìyọ kọ́bọ̀ kúrò, kí wọ́n sì tẹ ohun tó jẹ́ síbi tí wọ́n ń kọ àlàyé sí, bíi `OWO OJA SINA`. Bí wọ́n bá kó ogún irú rẹ̀ jọ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó ń ka sítétímẹ́ǹtì kò ní lè mọ̀ pé owó ọjà ni.

Owó ọwọ́ ló le jù. Òfin ibẹ̀ rọrùn láti sọ: ohun tí wọ́n bá tà lónìí gbọ́dọ̀ dé àkáǹtì kí wọ́n tó ná an. Kí ₦10,000 kù nínú dúrọ́ọ̀ fún ṣéńjì, kí ìyókù lọ sí báńkì lójoojúmọ́ tàbí ní ọjọ́ méjì-méjì. Bí alágbàtà kò bá gbà ju owó ọwọ́ lọ, kí wọ́n ná an, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé lójú ẹsẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n tà lọ́jọ́ náà.

Wàyí o, olójà gbọ́dọ̀ jẹun. Kó mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tàbí lóṣù, kó fi iye kan pàtó ránṣẹ́ láti àkáǹtì ìsọ̀ sí ti ilé, kó sì kọ `OWO ILE` sí i. Owó ẹ̀kọ́ ọmọ, ọbẹ̀, aṣọ ẹbí àti owó àjọ, inú àkáǹtì ilé ni kí gbogbo wọn ti máa jáde. Bí owó ilé bá tán ní ọjọ́ kejìdínlógún tó sì ní láti mú sí i, kó mú un, kó sì kọ ọ́. Ẹni tó bá gé owó ilé kéré jù níbẹ̀rẹ̀ kì í pẹ́ tó fi ń jí owó lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Kì í ṣe owó nìkan ló ń gba ìsọ̀ lọ sílé. Ọmọ wá láti ilé ẹ̀kọ́, ó mú mílíìkì kan àti bísíkítì. Lálẹ́ wọ́n gbé Íńdómì àti òróró lọ sílé. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n bá ka ọjà lópin oṣù, tí iye rẹ̀ kò sì pé, ọmọdébìnrin tó ń bá wọn tajà ni wọ́n á kọ́kọ́ fura sí. Ìwé kékeré kan tí wọ́n fi okùn so mọ́ ẹ̀gbẹ́ kántà ló ń yanjú rẹ̀: ọjọ́, ọjà, iye tí wọ́n rà á. Owó ilé ni gbogbo rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kọjá nínú báńkì.

Ká padà sí ìsọ̀ Ọjà Ọba wa. Ọjà ₦900,000 ló wà nílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù, ó ra ₦1,268,000 kún un, ₦930,000 sì ló kà lópin oṣù. Ìyẹn ni pé ọjà ₦1,238,000 ti kúrò nílẹ̀. Ìwé ẹ̀gbẹ́ kántà fi hàn pé ₦18,000 nínú rẹ̀ lọ sílé, nítorí náà ọjà tó tà gan-an ná an ní ₦1,220,000. Nínú ₦1,480,000 tó pa, ₦260,000 ló ṣẹ́ kù. Owó tó fi háyà ìsọ̀ lóṣù jẹ́ ₦20,000, owó oṣù ọmọdébìnrin ₦40,000, iná àti pẹtiróòlù ₦28,000, ọkọ̀ akẹ́rù ₦22,000, tíkẹ́ẹ̀tì ọjà àti owó tí POS yọ ₦5,000. Àpapọ̀ wọn jẹ́ ₦115,000, èrè sì jẹ́ ₦145,000.

Ó mú ₦90,000 lọ sílé, pẹ̀lú ọjà ₦18,000. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: wọ́n á kọ ₦108,000 yẹn mọ́ ìnáwó ìsọ̀, wọ́n á ní ₦37,000 ni èrè. Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Orí ₦145,000 ni owó-orí wà, ìbáà jẹ́ pé ó kó gbogbo rẹ̀ lọ sílé tàbí kò fọwọ́ kàn án.

Bí gbogbo oṣù bá rí bẹ́ẹ̀, èrè ọdún jẹ́ ₦1,740,000. Lábẹ́ òfin owó-orí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2026, wọ́n máa ń yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ènìyàn fi háyà ilé tó ń gbé kúrò nínú èrè rẹ̀ kí wọ́n tó ṣírò owó-orí, ohun tí wọ́n yọ kò sì gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ. Bó bá ń san ₦300,000 lọ́dún fún ilé, ₦60,000 kúrò, ó ku ₦1,680,000. (Ilé tó ń gbé nìyẹn o, owó tó fi háyà ìsọ̀ ti wà nínú ìnáwó tẹ́lẹ̀.) ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó-orí, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún sì ni ti ₦880,000 tó kù: ₦132,000 lọ́dún, tàbí ₦11,000 lóṣù. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ òwò ẹnìkan, tí kì í ṣe kọ́ńpìnnì, ilé iṣẹ́ owó-orí ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ń san án fún, ìṣirò ọdún kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e tó kọjá. Ọdún mẹ́fà ni kí ìwé fi wà nílẹ̀. Ríìsíìtì POS máa ń ṣá láàárín oṣù díẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ kó tó di ìwé funfun.

Fún ẹ̀yáwó, sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́fà tàbí méjìlá ni báńkì sábà máa ń béèrè. Kì í ṣe iye tó wọlé nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń wò ó bóyá owó ń wọlé déédéé, àti bóyá nǹkan máa ń kù nínú àkáǹtì lópin oṣù tí wọ́n lè ti yọ owó ẹ̀yáwó tí wọ́n á máa san padà. Owó ńlá tó wọlé láàárọ̀ tó jáde lọ́sàn-án ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fa ìlà sí, nítorí wọ́n mọ̀ pé olójà kàn yá owó náà láti fi ṣe àkáǹtì lọ́ṣọ̀ọ́ ni. Ẹni tó bá ya àkáǹtì rẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣù tó kọjá, tó sì fẹ́ yáwó lóṣù tó ń bọ̀, àkáǹtì àdàlú ni wọn yóò ṣì kà. Bí báńkì bá sì yá a, tí kò rí san, orúkọ ìsọ̀ lásán kò lè dáàbò bo ohun ìní rẹ̀: òun àti ìsọ̀ rẹ̀ kan náà ni lójú òfin, àfi bó bá sọ ọ́ di kọ́ńpìnnì.