Ìṣìnà Látàrí Ayípadà Tí A Yọ Sílẹ̀

Ìṣìnà látàrí ayípadà tí a yọ sílẹ̀ jẹ́ àṣìṣe tó ń wọ inú ìṣirò nígbà tí a bá ń wá ipa tí ohun kan ní lórí òmíràn, tí a kò sì ka ohun kẹta kan mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ohun kẹta yìí ń bá èkíní rìn, ó sì ń yí èkejì padà. Iṣẹ́ tí ohun kẹta náà ṣe kì í sọnù. Ohun tí a kà ni ìṣirò máa ń gbé e fún.

Ìkórè oko àti òjò fi èyí hàn dáadáa. Ká ní a fẹ́ mọ iye àgbàdo tí kílò ajílẹ̀ kan ń fi kún ìkórè hẹ́kítà kan. Níbi tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, àwọn àgbẹ̀ sábà máa ń lo ajílẹ̀ ju àwọn tó wà ní ilẹ̀ gbígbẹ lọ, torí pé bí omi kò bá tó nínú ilẹ̀, ajílẹ̀ kì í yọ́ dé ibi tí gbòǹgbò ti lè fà á mu. Òjò fúnra rẹ̀ sì ń mú àgbàdo gbó. Ẹni tó bá ṣírò ajílẹ̀ àti ìkórè nìkan ti pa iṣẹ́ méjì pọ̀ mọ́ra láìmọ̀.

A ṣẹ̀dá oko mẹ́rin tó tẹ̀ lé e yìí fún àlàyé. Ìlànà tó ń darí ìkórè wọn, ní kílò fún hẹ́kítà kan, ni:

```
ìkórè = 500 + 8 × ajílẹ̀ + 2 × òjò
```

Kílò ni a fi wọn ajílẹ̀, mìlímítà ni ti òjò. Ní ilẹ̀ gbígbẹ, tí òjò rẹ̀ jẹ́ 700, oko kan lo ajílẹ̀ 20, ó kórè 2060. Èkejì lo 60, ó kórè 2380. Ní ilẹ̀ olójò, tí òjò rẹ̀ jẹ́ 1000, oko kan lo 60, ó kórè 2980. Èkejì lo 100, ó kórè 3300.

Bí a bá fa ìlà tó sún mọ́ oko mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jù lọ láìka òjò, yóò sọ pé kílò ajílẹ̀ kan ń mú kílò àgbàdo 15.5 wá. Òótọ́ ibẹ̀ kò ju 8 lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì. Ẹ wo inú ilẹ̀ gbígbẹ nìkan: ajílẹ̀ fi 40 pọ̀ sí i, ìkórè fi 320 pọ̀ sí i, ìyẹn 8 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Bákan náà ló rí ní ilẹ̀ olójò. Oko méjì tó lo 60 ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà jù: ajílẹ̀ wọn dọ́gba, síbẹ̀ ìkórè wọn fi 600 yàtọ̀ síra, òjò nìkan ló sì fa ìyàtọ̀ yìí.

A lè mọ ibi tí 7.5 tó lé ti wá. Nínú oko mẹ́rin yìí, bí ajílẹ̀ bá fi kílò kan pọ̀ sí i, òjò náà ń fi 3.75 mìlímítà pọ̀ sí i. Mìlímítà kọ̀ọ̀kan ń mú kílò àgbàdo 2 wá, 2 lọ́nà 3.75 sì jẹ́ 7.5. Bí ọ̀kan nínú iye méjèèjì bá jẹ́ òdo, ìṣìnà kò sí. Bí ọ̀kan bá wà ní ìsàlẹ̀ òdo, ìṣìnà yóò dojú kọ ìsàlẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìbomirin oko nìyẹn: níbi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n ni àwọn ènìyàn ti ń bomi rin oko jù, nítorí náà, bí a kò bá ka òjò, ó lè dà bíi pé ìbomirin ń dín ìkórè kù.

Kíkó oko púpọ̀ sí i jọ kò wo àṣìṣe yìí sàn. Ẹgbẹ̀rún oko tí a yàn lọ́nà kan náà yóò tún sọ 15.5, pẹ̀lú ìdánilójú tó le sí i, èyí ló sì jẹ́ kó léwu. Wíwo bóyá àṣẹ́kù ìṣirò, ìyẹn ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìkórè oko kọ̀ọ̀kan àti iye tí ìlà náà sọ, ń bá ajílẹ̀ rìn kò ràn wá lọ́wọ́, torí ọ̀nà tí a gbà fa ìlà náà kò fàyè gba kí wọ́n bára rìn. Ohun tó yẹ ká ṣe ni pé ká mú àkọsílẹ̀ òjò wá, ká fi í kún ìṣirò, ká sì wò ó bóyá ipa tí ìṣirò gbé fún kílò ajílẹ̀ kan yí padà. Nínú àpẹẹrẹ yìí, yóò já láti 15.5 sí 8.

Ọ̀nà kejì ni kí àgbẹ̀ má yan iye ajílẹ̀ fúnra rẹ̀. R. A. Fisher, onímọ̀ ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Rothamsted ní England ní 1919, ló sọ ọ́ di ìlànà pé kí a fi ìbò pín ìtọ́jú, irú bí iye ajílẹ̀, fún abala oko. Bí ìbò bá pín in, ajílẹ̀ kò ní ìdí láti máa tẹ̀ lé òjò.

Fífi òjò kún ìṣirò náà ní ibi tó mọ. Bí ibùdó tí wọ́n ti wọn òjò bá jìnnà sí oko, iye tí a kọ sílẹ̀ kì í ṣe ti oko náà gan-an, apá kan ìṣìnà yóò sì ṣẹ́ kù. Àròpọ̀ òjò ọdún pàápàá lè má tó: àgbàdo tí ọ̀dá mú nígbà tó ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ kì í gbó dáadáa, kódà bí òjò ọdún náà bá pé 1000 mìlímítà.